Èèkàn Méjì Létí Ọ̀gbun

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ìṣirò kọ́ni, mo fún kíláàsì mi ní iṣẹ́ kan tí mo rò pé kò le. Mo ya ìlà 1/x² sára pátákó, mo ní kí wọ́n wá ìwọ̀n ààyè tó wà láàárín ìlà náà àti ilẹ̀, láti −1 títí dé 1. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ −2. Mo wo ìwé wọn, mo wo pátákó. Ìlà yẹn kò wọ abẹ́ ilẹ̀ níbì kankan, òkè ni gbogbo ara rẹ̀ wà. Ta ló rí oko tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí òdo rí?

Wọn ò ṣì í kà o. Òfin tí a kọ́ wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Òfin náà ní kí wọ́n yí 1/x² padà sí −1/x, kí wọ́n fi òpin ọ̀tún sí i, kí wọ́n fi òpin òsì náà sí i, kí wọ́n wá yọ èyí ẹ̀yìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Níbi tí ìlà bá ti lọ geere láìjá, òfin yìí kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ní òdo, ìlà yìí já. Kò sí ẹni tó lè fi òdo pín 1, bí a sì ṣe ń sún mọ́ òdo ni ìlà náà ń ga, tí kò níbi tó ń dúró sí. Ojú ibi tó já yẹn ni màá máa pè ní ọ̀gbun. Òfin tí àwọn ọmọ náà lò fò ó kọjá bí ẹni tó sùn lọ nínú mọ́tò.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé èyí ni ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1/x ńkọ́? Bí a bá lo òfin yẹn fún un láti −1 dé 1, òdo ló ń mú wá. Òsì wà nísàlẹ̀, ọ̀tún wà lókè, àwọn méjèèjì sì rí bákan náà. Ṣé ìyẹn náà kò tọ̀nà ni?” Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ronú sí i. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò ní èsì kúkúrú tí mo lè fún un.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí onílẹ̀ tó ń wọn ilẹ̀. Ààyè tó bá wà lókè ilẹ̀, ẹ pè é ní èrè. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ pè é ní gbèsè. Fún 1/x, apá ọ̀tún òdo jẹ́ èrè, apá òsì jẹ́ gbèsè. Bí x bá jẹ́ 0.1, ìlà náà ga tó 10. Bí x bá jẹ́ 0.01, ó ga tó 100. Bí ó bá ku ìdá kan nínú mílíọ̀nù kí a dé òdo, ó ti ga tó mílíọ̀nù kan. Kò sí ẹni tó lè wọn ìyẹn títí dé etí ọ̀gbun, nítorí náà a ó ri èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí etí, a ó wọn ilẹ̀ láti ibi èèkàn dé 1, a ó sì máa sún èèkàn náà mọ́ etí díẹ̀díẹ̀.

Bí èèkàn ọ̀tún bá wà ní 0.1, èrè jẹ́ 2.303. Bí a bá sún un dé 0.01, ó di 4.605. Ní 0.001, ó di 6.908. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: bí a bá ti sún mọ́ ọ̀gbun ní ìlọ́po mẹ́wàá, 2.303 mìíràn la fi kún un. Bó ṣe ń pọ̀ sí i kò yára, àmọ́ kò sí ibi tó ti máa sinmi. Ẹ̀kọ́ ìṣirò a máa sọ nípa irú èyí pé kò ní iye. Apá òsì náà kò ní, nítorí bí èrè ṣe ń ga ni gbèsè ń jìn. Òfin tí gbogbo ìwé fi ń wọn ààyè tí ọ̀gbun bá wà láàárín rẹ̀ sì le lórí ọ̀rọ̀ yìí: kí apá kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá dúró fúnra rẹ̀, kí ó ní iye tirẹ̀, kí á tó pa méjèèjì pọ̀. Ní ti 1/x, kò sí èyí tó dá dúró nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí a bá tẹ̀ lé òfin yìí, ààyè tí ọmọ yẹn béèrè kò ní iye rárá.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀? Bí gbèsè àti èrè bá rí bákan náà, kí ló dé tí a kò kàn ní kí wọ́n pa ara wọn rẹ́? Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó ṣẹ́ kù kò sí lọ́wọ́ gbèsè àti èrè nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ri èèkàn. Ẹ jẹ́ kí èèkàn òsì wà ní ìwọ̀n 0.01 sí ọ̀gbun, kí ti ọ̀tún wà ní 0.02. Gbèsè jẹ́ 4.605, èrè jẹ́ 3.912, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ −0.693. Ẹ sún méjèèjì mọ́ etí, kí òsì wà ní 0.001, kí ọ̀tún wà ní 0.002. Gbèsè ti di 6.908, èrè ti di 6.215, ohun tó ṣẹ́ kù ṣì jẹ́ −0.693. A lè sún wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀tún bá jìnnà ju òsì lọ ní ìlọ́po méjì, −0.693 ni a ó máa bá níbẹ̀. Bí a bá ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta, ó di −1.099. Bí a bá yí i padà kí òsì ni kó jìnnà jù, nọ́ńbà kan náà ni, ó kàn bọ́ sórí ilẹ̀ ni. Kò sí nọ́ńbà kan lábẹ́ ọ̀run tí n kò lè mú jáde nínú ọ̀gbun yìí, bí ẹ bá ti jẹ́ kí n ri èèkàn síbi tó wù mí.

Ẹni tó rí èyí kedere, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ni Augustin-Louis Cauchy, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Páríìsì ní 1789 (orúkọ ìdílé rẹ̀ ń dún bíi Kóṣì). Ní 1823, ó tẹ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé gíga École Polytechnique jáde ní ìwé. Nínú rẹ̀ ló ti fi hàn pé ohun tó ń ṣẹ́ kù nínú 1/x kò ju lọ́gárítíìmù ìṣirò ìjìnnà èèkàn kan sí èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò díbọ́n pé ọ̀gbun kò sí, kò sì sọ pé ààyè náà ti wá ní iye. Ó ní bí a bá ri èèkàn méjèèjì sí ọgbọọgba, kí wọ́n jọ máa sún mọ́ etí ní ìwọ̀n kan náà, tí ohun tó ṣẹ́ kù sì ń sún mọ́ nọ́ńbà kan pàtó, kí a fún nọ́ńbà yẹn ní orúkọ tirẹ̀. Ní èdè Faransé ó pè é ní “valeur principale”. Èmi a máa pè é ní iye àgbà. Fún 1/x láti −1 dé 1, iye àgbà jẹ́ 0.

Ẹnì kan lè ní eré ọmọdé lèyí, pé a kàn fẹnu kò sórí ibi tí èèkàn yóò wà ni. Òótọ́ ni pé a fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí Cauchy tó fún un lórúkọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ka nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àwọn nọ́ńbà bíi 2, 3, 5, 7 àti 11, tí kò sí ohun tó lè pín wọn dọ́gba àyàfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Bí a ṣe ń lọ síwájú ni wọ́n ń ṣọ̀wọ́n. Ní àyíká 1,000, bíi ẹyọ kan nínú nọ́ńbà méje ni. Ní àyíká mílíọ̀nù kan, bíi ẹyọ kan nínú mẹ́rìnlá. Lọ́gárítíìmù ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀wọ́n, èyí tí a ń kọ ní ln: ní àyíká nọ́ńbà t, ìpín wọn súnmọ́ 1/ln t. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ iye nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà títí dé x láìkà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó wọn ààyè abẹ́ ìlà 1/ln t láti òdo dé x. Ààyè náà ni wọ́n ń kọ ní li(x). Ní 1809, ní Múníìkì, Johann Georg von Soldner tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì iye rẹ̀. Ìyẹn sì jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìwé Cauchy.

Ọ̀gbun rẹ̀ wà ní 1, nítorí ln 1 jẹ́ òdo. Láti 0 dé 1, gbèsè ni ìlà náà. Láti 1 lọ, èrè ni. Àwọn méjèèjì kò sì rí bákan náà gan-an, kò dà bíi 1/x tí èèyàn lè fi ojú lásán rí i pé wọ́n ń pa ara wọn rẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wá li(2). Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí a so ibi kọ̀ọ̀kan ní òsì ọ̀gbun pọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ọ̀tún, tí ìjìnnà wọn sí ọ̀gbun dọ́gba, bí ẹni ń so ìbejì pọ̀. Èyí fúnra rẹ̀ ni èèkàn ọgbọọgba.

Bí ìjìnnà bá jẹ́ 0.1, òsì wà ní 0.9, ìlà ibẹ̀ sì jìn dé −9.491. Ọ̀tún wà ní 1.1, ó ga dé 10.492. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó ku 1.001. Bí ìjìnnà bá jẹ́ 0.01, òsì jẹ́ −99.499, ọ̀tún jẹ́ 100.499, ó ku 1.000. Ẹ wo nǹkan! Bí òkè àti ọ̀gbun ṣe ń di ràbàtà tó, 1 péré ló ń ṣẹ́ kù láàárín wọn. Bí a bá jìnnà díẹ̀, ó ń pọ̀ sí i ní jẹ́jẹ́: ní 0.5, ohun tó kù jẹ́ 1.024, ní 0.9, ó jẹ́ 1.124, nígbà tí ìjìnnà bá pé 1, tí òsì dé 0 tí ọ̀tún sì dé 2, ó jẹ́ 1.443. Ìlà tuntun tí àwọn ìbejì yìí ṣe kò ní ọ̀gbun kankan mọ́. Láti 0 dé 1 ni ó gùn, 1 àti díẹ̀ ni gíga rẹ̀, ọmọ iléèwé sì lè wọn ààyè abẹ́ rẹ̀. Iye rẹ̀ ni 1.04516. Ìyẹn ni li(2).

Bí mo bá ri èèkàn ọ̀tún sí ìlọ́po méjì ti òsì, 0.693 tí a rí lẹ́ẹ̀kan yóò tún yọjú, li(2) mi yóò sì di 0.352. Bí mo bá yí i padà, yóò di 1.738. Kò sí ohun tó fi han èèyàn pé èyí burú ju tèkíní lọ bí a bá kàn ń wo ìlà náà. Ẹ tún lè ní ó sàn kí a yẹra fún ọ̀gbun pátápátá, kí a bẹ̀rẹ̀ láti 2. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn lọ́rùn wọn. Láàárín 1 àti mílíọ̀nù kan, nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ 78,498, li(1,000,000) sì jẹ́ nǹkan bí 78,628. Nígbà tí àlàfo tó wà níbẹ̀ ti tó 130, ta ni 1.045 máa dùn? Ṣùgbọ́n ní 1859, Bernhard Riemann ará Jámánì kọ ìlànà kan jáde nípa nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ìdíwọ̀n. Pípé ni, tó fi jẹ́ pé bí a bá ro gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun yẹ̀. li(x) ló ṣáájú nínú ìlànà náà, li tí èèkàn rẹ̀ wà lọ́gbọọgba sì ni. Ẹni tó bá fi èèkàn onílọ́po méjì ṣe é, 0.693 rẹ̀ yóò dúró síbẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì.

Mo fẹ́ padà sí 1/x² tí àwọn ọmọ mi kọ −2 fún, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀gbun ni èèkàn ọgbọọgba ń gbà sílẹ̀. Ní ti 1/x², òsì àti ọ̀tún jẹ́ èrè, kò sí gbèsè tí yóò pa èrè rẹ́. Bí èèkàn méjèèjì bá wà ní 0.1, àpapọ̀ jẹ́ 18. Ní 0.01, ó jẹ́ 198. Kò ní iye, kò sì ní iye àgbà.

Èyí tó lè tan èèyàn jẹ ni 1/x³. Ó jọ 1/x: òsì nísàlẹ̀, ọ̀tún lókè, èèkàn ọgbọọgba sì ń mú òdo wá níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wa gbọ̀n díẹ̀ bí a ṣe ń ri èèkàn. Kí òsì wà ní 0.01, kí ọ̀tún wà ní 0.0101, ìyẹn ni pé ó fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré yẹ̀. Fún 1/x, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ −0.00995, kò tó nǹkan. Fún 1/x³, ó jẹ́ −98.5! Ẹ sún un mọ́ etí, kí òsì wà ní 0.001, kí ọ̀tún wà ní 0.001001, tó fi hàn pé ọwọ́ wa túbọ̀ dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 1/x fi −0.001 yẹ̀, ó ń lọ sí òdo. 1/x³ fi −998.5 yẹ̀. Bí a ṣe ń gbìyànjú láti ṣe dáadáa ni ó ń burú sí i.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń ṣọ́ra fún èyí nítorí pé nínú ìṣirò, wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ òṣùwọ̀n: wọ́n á na ìlà níbì kan, wọ́n á fún un níbòmíràn, kí iṣẹ́ lè rọrùn. Bí nínà náà bá lọ geere, èèkàn tó dọ́gba tẹ́lẹ̀ yóò fi díẹ̀ yẹ̀ sí ara wọn, irú díẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí. Iye àgbà 1/x ń la irú rẹ̀ kọjá láìfarapa. Òdo tí 1/x³ mú wá kò lè là á já, ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìbéèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Kọ̀ǹpútà náà máa ń ri èèkàn, ó kàn jẹ́ pé kì í sọ fúnni ni. Ẹ ní kó wọn 1/x láti −1 dé 2. Iye àgbà rẹ̀ rọrùn: láti −1 dé 1 pa ara wọn rẹ́, ó ku 1 dé 2, ìyẹn 0.693. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń wọn ààyè ni pé kó gé ilẹ̀ sí ègé wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, kó wo gíga ìlà ní àárín ègé kọ̀ọ̀kan, kó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀:

```
n = 1000
h = 3/n
print(sum(h/(-1+(k+0.5)*h) for k in range(n)))
```

Bí ègé bá jẹ́ 999, ó mú 0.693 wá. Ẹ fi ẹyọ kan kún un, kó di 1,000, ó di 6.13. Ẹ tún fi ẹyọ kan kún un, 1,001, ó di −4.75. Ní 1,002 ó padà sí 0.693. Ẹ lè lọ dé mílíọ̀nù ègé, mẹ́ta yìí ni yóò máa yí po, kò ní balẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gbun bá bọ́ sí ààlà ègé méjì, àárín ègé òsì àti ti ọ̀tún wà lọ́gbọọgba, nọ́ńbà tó jáde sì jẹ́ iye àgbà. Ìgbà tí ọ̀gbun bá wà nínú ègé kan, tó sún mọ́ etí kan ju èkejì lọ, ìwọ́ntúnwọ́nsì ti bàjẹ́. Ẹni tó bá rí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń fò láti 0.693 sí 6.13 nítorí ègé kan ṣoṣo, kó lọ wá ọ̀gbun tó fara pamọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ 999 nìkan ló dán wò, kò ní mọ̀ láéláé pé orí ló yọ òun.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún iṣẹ́ náà fún kíláàsì, mo fi 1/x síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1/x². Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn yẹn kọ “kò ní iye” fún méjèèjì. Lábẹ́ 1/x, ó tún kọ ọ́ síwájú sí i pé, “0, bí èèkàn bá dọ́gba.” Mo fún un ní máàkì kíkún.